Ilà méjì jáde nínú àyẹ̀wò HIV àkọ́kọ́: ìdí tí wọn ò fi tíì lè sọ pé o ní i

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ràn mí lọ́wọ́. Wọ́n gún mi níka lánàá, ilà méjì jáde nínú tẹ́ẹ̀sì HIV, wọ́n kọ 'ríákítífù' síwèé. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn ò túmọ̀ sí pé mo ti ní i, pé wọ́n ṣì máa fi kíìtì míì wò ó, ṣùgbọ́n kíìtì yẹn ti tán lọ́wọ́ wọn, kí n padà wá. Tí tẹ́ẹ̀sì bá ti rí i, ṣé kò ti rí i náà nìyẹn? Àbí wọ́n kàn ń tù mí nínú ni? Ṣé kí n ra irú kíìtì yẹn gan-an kí n tún un ṣe fúnra mi?"

Àbúrò mi, nọ́ọ̀sì yẹn ò tù ẹ́ nínú o, bó ṣe rí gan-an ló sọ fún ẹ. Mo mọ̀ pé oorun ò ní kùn ẹ́ lálẹ́ àná, mo sì mọ̀ pé ohun tó o fẹ́ gbọ́ ni "o ní i" tàbí "o ò ní i", ṣùgbọ́n ohun tó wà nílẹ̀ báyìí ò tíì tó láti sọ èyíkéyìí nínú méjèèjì. Èmi láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò yìí wà lára ohun tí mò ń ṣe lójoojúmọ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, torí tó o bá rí ohun tí kíìtì yẹn ṣe àti ohun tí kò lè ṣe, wàá mọ ìdí tí wọ́n fi ní kó o padà wá.

Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà níka ẹ, wọ́n kán an sí ìdí bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wà nínú ike, wọ́n kán omi kẹ́míkà tẹ̀lé e, omi yẹn wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹ̀jẹ̀ náà gba inú bébà lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Lójú ọ̀nà ló ti máa kó àwọn èérún kéékèèké kan tó ní àwọ̀ dání, wúrà ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwọn èérún yẹn, ó kéré débi pé ojú ò lè rí i àfi tó bá kó jọ síbì kan. Lẹ́yìn náà ló máa dé ibi tí wọ́n ti lẹ àwọn purotéènì HIV mọ́ bébà. Kì í ṣe kòkòrò HIV fúnra ẹ̀ o, purotéènì tí wọ́n ṣe ní láàbù ni, kò lè ran ẹnikẹ́ni. Tí nǹkan kan bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ tó dì mọ́ àwọn purotéènì yẹn, àwọn èérún aláwọ̀ yẹn á kó jọ síbẹ̀, ilà á yọ. Ilà kejì, ìyẹn ti kọntiróò, kò mọ nǹkan kan nípa HIV, òun kàn ń sọ pé omi gun òkè dáadáa àti pé kíìtì ṣiṣẹ́ ni, tí òun ò bá yọ, ẹ ju kíìtì yẹn nù, ẹ mú òmíràn.

Nǹkan tó ń dì mọ́ purotéènì yẹn la ń pè ní áńtíbọ́dì. Ara wa ló ń ṣe é, nígbàkigbà tí nǹkan àjèjì bá wọlé, ara á ṣe áńtíbọ́dì tó máa dì mọ́ nǹkan yẹn. Ẹni tí HIV bá wọ ara ẹ̀, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ara ẹ̀ á ti ṣe áńtíbọ́dì HIV, òun ni kíìtì ń wá. Àwọn kíìtì kan wà tó tún ń wá purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní p24, tó jẹ́ ara kòkòrò náà fúnra ẹ̀, kí wọ́n lè tètè mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, àmọ́ púpọ̀ nínú kíìtì tí wọ́n fi ń gún ìka, áńtíbọ́dì nìkan ni wọ́n ń wá.

Ṣó o ti ń rí i báyìí, kíìtì yẹn ò rí kòkòrò kankan. Ohun tó rí ni pé nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ dì mọ́ purotéènì tó wà lórí bébà. Bóyá HIV ló jẹ́ kí ara ẹ ṣe nǹkan yẹn, bóyá nǹkan míì tó fara jọ ọ́ ni, bébà ò mọ̀, kò sì sí bó ṣe máa mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ síwèé ẹ nìyẹn.

O lè wá bi mí pé kí ló dé tí wọ́n á ṣe kíìtì tí kò lè mọ ìyàtọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí àyẹ̀wò HIV àkọ́kọ́ gba àṣẹ ní Amẹ́ríkà lóṣù kẹta ọdún 1985, ẹ̀jẹ̀ tí àwọn èèyàn ń fi tọrẹ ni wọ́n fẹ́ máa fi yẹ̀ wò, kí wọ́n má bàa fa ẹ̀jẹ̀ tó ní kòkòrò sára aláìsàn. Irú iṣẹ́ yẹn, àyẹ̀wò tó máa gbá nǹkan tó kéré jù lọ mú ló ń fẹ́, torí tó bá fo báàgì ẹ̀jẹ̀ kan tó ní HIV, ẹni tí wọ́n fà á sí lára ti kó o nìyẹn, ṣùgbọ́n tó bá ṣì mú báàgì tí kò ní nǹkan kan, wọ́n á dà á nù ni, ó tán. Títí dòní, ọwọ́ yẹn náà ni wọ́n fi ń ṣe kíìtì tí wọ́n máa kọ́kọ́ lò. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kíìtì àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ mú ó kéré tán èèyàn 99 nínú 100 tó ní i, àti pé nínú 100 èèyàn tí kò ní i, ó kéré tán 98 gbọ́dọ̀ jáde láìsí ilà HIV, kó jẹ́ ti kọntiróò nìkan ló yọ. Ìyẹn ni pé àwọn fúnra wọn gbà á láyè kó ṣì mú tó èèyàn méjì nínú 100. Wọ́n gbà á torí wọ́n mọ̀ pé òun nìkan kọ́ ló máa sọ̀rọ̀. Báàgì ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí èèyàn. A lè da báàgì nù lórí àyẹ̀wò kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n a ò lè tìtorí àyẹ̀wò kan ṣoṣo ní kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tí á máa lò lójoojúmọ́ títí ayé ẹ̀, kó lọ sọ fún ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, kó gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn títí láé.

Jẹ́ ká fi nọ́ńbà wò ó, ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti gbà mí gbọ́ àfi tí wọ́n bá fojú ara wọn rí i. Ká ní èèyàn 10,000 ló wá ṣe àyẹ̀wò níbì kan, ẹnì kan nínú 100 wọn ló ní HIV. Ìyẹn jẹ́ 100 èèyàn tó ní i, 9,900 ò ní i. Ká wá gbà pé kíìtì yẹn dáa gan-an, gbogbo 100 yẹn ló mú láìfo ẹnì kankan, àti pé nínú 100 èèyàn tí kò ní i, ẹyọ kan péré ló máa ń ṣì mú. Ẹyọ kan nínú 100, o lè ní kí nìyẹn jámọ́. Ṣùgbọ́n 9,900 làwọn tí kò ní i, ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ 99. Àpapọ̀ àwọn tí ilà méjì máa yọ fún jẹ́ 199, 100 nínú wọn ní i lóòótọ́, 99 ò ní nǹkan kan, ìwé kan náà ni wọ́n sì máa fún gbogbo wọn. Kíìtì ò bàjẹ́ o, nọ́ọ̀sì ò ṣàṣìṣe, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ni kò ní i.

Tó bá jẹ́ ibi tí HIV ti wọ́pọ̀ ni, ká ní ẹni 10 nínú 100, èèyàn 1,000 ló ní i, 9,000 ò ní i, kíìtì á ṣì mú 90, àpapọ̀ 1,090, ó ju ẹni 9 lọ nínú 10 tí tiwọn jẹ́ òótọ́. Tó bá wá jẹ́ ibi tó wọ́n gan-an, ẹyọ kan nínú 1,000, èèyàn 10 péré ló ní i nínú 10,000, àwọn tí kíìtì ṣì mú á tó 100, ìyẹn ni pé nínú àwọn 110 tí ilà méjì yọ fún, ẹni 10 péré ló ní i. Kíìtì kan náà, ilà kan náà, ṣùgbọ́n ohun tí ilà yẹn ń sọ yàtọ̀ pátápátá. Ìdí nìyẹn tí mi ò lè jókòó síbí kí n sọ fún ẹ pé ó tó báyìí tó ṣeé ṣe kó o ní i. Mi ò mọ irú àwọn tó ń wá sí ibi tó o ti ṣe é, mi ò dẹ̀ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìwọ fúnra ẹ, bóyá o ti ní ìbálòpọ̀ láìlo kọ́ńdọ̀ọ̀mù pẹ̀lú ẹni tó ní i, gbogbo ẹ̀ ló ń yí nọ́ńbà yẹn padà. Ohun tí mo lè sọ ni pé ilà yẹn kì í ṣe nǹkan tá a lè fojú fò. Kó o tó ṣe é, bóyá ẹyọ kan nínú 100 lọ̀rọ̀ ẹ, lẹ́yìn tó yọ, ó ti di nǹkan bí ìdajì sí ìdajì. Torí náà, má ṣe gbà á pé o ti ní i, má sì ṣe sọ pé irọ́ ni kó o má padà lọ mọ́.

Àwọn wo wá ni kíìtì máa ń ṣì mú, kí ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn? Nígbà míì, áńtíbọ́dì tí ara ṣe fún nǹkan míì ló fara jọ ti HIV débi tó fi dì mọ́ purotéènì yẹn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ní lúpọ́ọ̀sì àtàwọn àrùn míì tí ara ti máa ń bá ara ẹ̀ jà, ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ibà bá ń ṣe èèyàn lọ́wọ́, ó lè ṣẹlẹ̀ sí aláboyún, ó lè ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan. Ti àjẹsára yẹn ní àpẹẹrẹ kan tó yé èèyàn dáadáa. Lọ́dún 2020, Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà ń ṣe àjẹsára kófíìdì, wọ́n wá lo èérún kékeré kan láti ara purotéènì HIV tí wọ́n ń pè ní gp41 láti fi di purotéènì kófíìdì mú kó má tú ká. Èérún yẹn ò lè fa HIV láé, kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara àwọn tó gba abẹ́rẹ́ náà rí èérún yẹn, ó ṣe áńtíbọ́dì fún un, bí wọ́n ṣe fi àyẹ̀wò HIV wò wọ́n báyìí, àwọn kan nínú wọn jáde bíi pé wọ́n ní i. Àwọn àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe tẹ̀lé e ló fi hàn pé kò sí HIV lára wọn. Lóṣù Disẹ́ńbà ọdún yẹn ni wọ́n dá iṣẹ́ àjẹsára náà dúró, torí tí wọ́n bá fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò HIV á dàrú.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló fà á, ẹ̀jẹ̀ ò ní nǹkan kan án ṣe. Gbogbo kíìtì ló ní àkókò tí wọ́n gbọ́dọ̀ kà á, wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tó wà nínú páálí, ká ní ó ní kẹ́ ẹ kà á lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kò gbọ́dọ̀ ju ibi tí ìwé yẹn dá a dúró sí. Láàárín àkókò yẹn, ilà tó bá yọ, bó ṣe wù kó ṣá tó, ríákítífù ni, a kì í sọ pé ó ti ṣá jù. Àmọ́ tẹ́nì kan bá gbé kíìtì kalẹ̀ tó lọ jẹun, tó padà wá kà á lẹ́yìn tí bébà ti gbẹ, ilà lè ti yọ tí kò yẹ kó yọ, irú ilà bẹ́ẹ̀ ò níye lórí. Omi kẹ́míkà tó kéré jù tàbí tó pọ̀ jù náà lè dà á rú, kíìtì tó ti kọjá ọjọ́ ẹ̀, kíìtì tí wọ́n tọ́jú síbi tó gbóná jù. Èyí tó sì ń bà mí lẹ́rù jù ni kí ẹ̀jẹ̀ èèyàn méjì pààrọ̀ orúkọ, torí ìyẹn ò hàn lórí bébà rárá, ilà á yọ dáadáa, tí ẹlòmíì ló kàn jẹ́.

Ní báyìí, ká wá sí ti kíìtì kan náà tó o fẹ́ lọ rà. Má rà á, kò ní sọ ohun tó o fẹ́ mọ̀ fún ẹ. Tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ọwọ́ ni, òótọ́ ni, àtúnṣe lè gbé e jáde. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé áńtíbọ́dì míì ló ń dì mọ́ purotéènì inú kíìtì yẹn, bó o bá ṣe é nígbà mẹ́wàá, purotéènì kan náà ló máa pàdé, á tún dì mọ́ ọn nígbà mẹ́wàá. Bí ẹlẹ́rìí kan bá ṣi èèyàn mọ̀, tó o bi í léèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ohun kan náà ló máa sọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹlẹ́rìí kan náà ló ṣì jẹ́. Wàá wá rí ilà yẹn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, ọkàn ẹ á gbà pé ó ti dájú, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan tuntun tó o mọ̀. Tí ilà ò bá sì yọ lẹ́ẹ̀kejì, o lè fi ìyẹn dá ara ẹ lójú kó o má padà lọ, ìyẹn náà léwu.

Ìdí nìyẹn tí kíìtì kejì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ tí iléeṣẹ́ míì tàbí irú míì, tí purotéènì tó wà lórí ẹ̀ yàtọ̀, tàbí tí ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Áńtíbọ́dì HIV gidi kì í ṣe ẹyọ kan, ara ẹni tó ní HIV máa ń ṣe oríṣiríṣi tó ń dì mọ́ ibi púpọ̀ lára kòkòrò náà, torí náà bí wọ́n bá yí purotéènì padà, á ṣì rí ibi dì mú. Àjèjì tó kàn fara jọ ọ́ níbì kan kì í sábà bá ìkejì mu. Mo ní kì í sábà, mi ò ní kì í ṣe láé, torí kíìtì méjì tó yàtọ̀ lórúkọ lè lo purotéènì tó jọra, tí wọ́n á sì jọ ṣi ẹnì kan náà mú. Nítorí ìyẹn, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò ló ń yan kíìtì bó ṣe wù ú, wọ́n máa ń ti dán wọn wò pọ̀ ṣáájú, kí wọ́n rí i pé àwọn tí ọ̀kan máa ń ṣì mú kì í ṣe àwọn tí èkejì náà máa ń ṣì mú, kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá ni kìíní, tàmẹ̀dù ni kejì, lákáṣègbè ni kẹta.

Jẹ́ ká padà sídìí àwọn 199 yẹn. Tí wọ́n bá fi kíìtì kejì tó yàtọ̀ wò wọ́n, tí òun náà máa ń ṣì mú ẹyọ kan nínú 100, àwọn 100 tó ní i á yọ ilà, nínú àwọn 99 tí kò ní i, bí ẹyọ kan ló máa kù. Ó ti sàn gan-an. Ṣùgbọ́n níbi tí àrùn yẹn ti wọ́n, àwọn 110 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn kíìtì kejì àwọn 10 tó ní i ló ṣì wà níbẹ̀, àti ẹyọ kan tí kò ní i. Ẹyọ kan nínú 11. Ṣé ìwọ á fẹ́ jẹ́ ẹni yẹn? Lẹ́yìn kíìtì kẹta ni ẹyọ yẹn tó máa di nǹkan tá a lè wá láàárín ọ̀pọ̀ ẹgbẹ̀rún ká má rí i. Tẹ́lẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn orílẹ̀-èdè tí HIV ti pọ̀ láyè kí wọ́n fi kíìtì méjì parí ẹ̀. Lọ́dún 2019 ni wọ́n yí i padà, wọ́n ní kí gbogbo ibi máa lo mẹ́ta. Ohun tó sì fà á ni pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ní HIV ti mọ̀, wọ́n ti ń lo oògùn, wọn kì í wá ṣe àyẹ̀wò mọ́, torí náà láàárín àwọn tó ṣì ń wá, àwọn tó ní i ti dín kù gan-an, o sì ti rí ohun tí ìyẹn máa ń ṣe sí ilà méjì.

Bó ṣe máa lọ nìyí nígbà tó o bá padà dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n á fi kíìtì kejì wò ẹ́. Tí òun náà bá yọ, wọ́n á lo ẹ̀kẹta, tí ẹ̀kẹta bá yọ, ìgbà yẹn ni wọ́n máa sọ pé o ní HIV, kò sí ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ ṣáájú ìyẹn. Tí kejì ò bá yọ, wọ́n á tún kìíní ṣe, tí kìíní náà ò bá yọ mọ́, o ò ní i, wọ́n á kọ nẹ́gẹ́tífù. Tí kìíní bá tún yọ tí kejì ò yọ, tàbí tí kìíní àti kejì yọ tí kẹta kọ̀, wọ́n á ní kò tíì yé wọn, kó o padà wá lẹ́yìn ọjọ́ 14. Má jẹ́ kí ọjọ́ 14 yẹn dà bí ìjìyà lójú ẹ. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni pé tó bá jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o ni, áńtíbọ́dì ẹ ṣì ń gbéra, kíìtì kan ti ń rí i, ìkejì ò tíì rí i, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì á ti pọ̀ sí i débi tí gbogbo wọn á fi máa rí i. Tó bá jẹ́ pé àjèjì ni, bó ṣe wà náà ló máa wà, tàbí kó ti lọ.

Àwọn láàbù ńlá kan ò gba ọ̀nà yìí. Ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi wá áńtíbọ́dì àti p24 pa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà ní apá, tó bá jáde, wọ́n á ṣe àyẹ̀wò kejì tó ń sọ èwo ni nínú irú HIV méjì tó wà, bóyá HIV-1 ni tàbí HIV-2, tí kejì bá kọ̀ tàbí tí kò yé wọn, wọ́n á wá ohun tí kòkòrò náà fúnra ẹ̀ fi ń bí sí i, ìyẹn RNA ẹ̀, nínú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn dáa gan-an fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o, torí RNA lè hàn láti nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 33 lẹ́yìn tí kòkòrò bá wọlé, nígbà tí kíìtì ìka lè gba ọjọ́ 23 sí 90 kó tó rí áńtíbọ́dì. Ọ̀nà méjèèjì, ìlànà kan náà ni, ohun tó yàtọ̀ ni wọ́n ń fi bi ẹ̀jẹ̀ kan náà léèrè.

Títí tí èsì máa fi jáde, máa hùwà bíi ẹni tó lè ní i. Lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù, má fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ. Má lọ ra oògùn HIV mu fúnra ẹ o, mo bẹ̀ ẹ́, yàtọ̀ sí pé o lè má nílò ẹ̀, oògùn yẹn máa ń dín kòkòrò kù débi tí áńtíbọ́dì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o lè má dàgbà tó, àyẹ̀wò tó yẹ kó yọ á máa ṣe ségesège. Tó o bá ti ń lo oògùn tí wọ́n fi ń dènà HIV tẹ́lẹ̀, sọ fún wọn, òun náà lè fa àyẹ̀wò sẹ́yìn. Tó bá sì jẹ́ pé láàárín wákàtí 72 sí ìsinsìnyí ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó ń bà ẹ́ lẹ́rù, kọ́ńdọ̀ọ̀mù tó já tàbí abẹ́rẹ́ tó gún ẹ, èyí ò gbọ́dọ̀ dúró de kíìtì kankan, ilé ìwòsàn lónìí yìí.

Ibì kan wà tí àwa fúnra wa kì í ti í dúró de èsì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, ìyẹn ni aláboyún tó ti ń rọbí tí ilà méjì yọ fún. Ọmọ yẹn lè kó o láàárín wákàtí díẹ̀, torí náà wọ́n á bẹ̀rẹ̀ oògùn fún ìyá lójú ẹsẹ̀, wọ́n á máa ṣe àyẹ̀wò tó kù lọ, tó bá wá jáde pé kò ní i, wọ́n á dá a dúró. Oògùn ọjọ́ mélòó kan ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ọmọ kó o. Ọ̀rọ̀ tìẹ ò rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ tó o máa fi dúró ò ní yí nǹkan kan padà lára ẹ, àmọ́ má jẹ́ kó di oṣù.

Tí kíìtì wọn ò bá tètè dé, lọ síbòmíì tí wọ́n ti ń ṣe é dé ìparí, mú ìwé yẹn dání, sọ fún wọn pé ibí yìí lo ti kọ́kọ́ ṣe é àti orúkọ kíìtì tí wọ́n lò tó o bá mọ̀ ọ́n. Wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣe ìkejì fún ẹ, wo páálí ẹ̀, tó bá jẹ́ orúkọ kan náà ló wà lára rẹ̀ pẹ̀lú ti àkọ́kọ́, béèrè pé ṣé kìíní ni wọ́n ń tún ṣe ni, torí ìyẹn kọ́ ni èkejì. Tí gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì yọ ní ìkẹyìn, wọ́n ṣì máa fa ẹ̀jẹ̀ tuntun lára ẹ kí wọ́n tó fún ẹ ní oògùn, tó bá ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ ẹlòmíì, wọ́n á tún gbogbo ẹ̀ ṣe láti orí kìíní. Kì í ṣe pé wọn ò gba èsì àkọ́kọ́ gbọ́, orúkọ tó pààrọ̀ lórí ìgò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, torí kíìtì mẹ́ta tó ṣiṣẹ́ dáadáa ò lè mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì ni wọ́n fún un. Tí wọn ò bá ṣe ìyẹn fún ẹ, ìwọ ni kó o béèrè fún un, kó o tó mu oògùn àkọ́kọ́.